Kí ẹ mọ ibi tí ìbátan Maxwell ti ń jáde

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ooru nínú físíìsì, ẹ má há ìbátan Maxwell mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí. Àmì àyọkúrò inú wọn kì í pẹ́ dàrú mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: kí ni ẹni tó ń ṣe ìdánwò ń darí?

Bí omi bá wà nínú ife lórí tábìlì, ìwọ̀n ìgbóná T àti ìfúnpá P la ń darí. Agbára Gibbs ló bá àwọn méjèèjì yìí mu: G = U − TS + PV. A mọ̀ pé dU = T dS − P dV. Bí ẹ bá tú G wò, T dS méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, P dV náà á ṣe bẹ́ẹ̀, á wá ku:

dG = −S dT + V dP

Nítorí náà −S ni ìyípadà G bí T ṣe ń yí padà, V sì ni ti P. Bí a bá wá wo ìyípadà G lẹ́ẹ̀mejì, ìkan fún T, ìkan fún P, èyí tó wù kí a kọ́kọ́ ṣe nínú méjèèjì, ibì kan náà la máa dé, bí G kò bá ní ìgunpá, ìyẹn ibi tí ìlà rẹ̀ ti ṣẹ́ lójijì:

(∂S/∂P)_T = −(∂V/∂T)_P

Mo fẹ́ràn ìbátan yìí gan-an. Kò sí irinṣẹ́ tó ń ka ẹ́ńtírópì S tààrà, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún kò ju bí omi ṣe ń wú nígbà tó bá gbóná lọ. Ní 25 °C, móòlù omi kan ń fi nǹkan bíi 4.6 × 10⁻⁹ m³ wú fún kélífíìnì kan. Fún un ní ìfúnpá 10 MPa sí i láìjẹ́ kí T yí padà, ẹ́ńtírópì rẹ̀ á dín ní nǹkan bíi 0.046 J/K. Lábẹ́ 4 °C, omi ń sún kì ni bó ṣe ń gbóná. Níbẹ̀, fífún un pa á mú kí S pọ̀ sí i.

Láti mọ̀ bóyá ẹ ti ṣì í, ẹ wo ìwọ̀n: m³/K àti J/(K·Pa) gbọ́dọ̀ bára mu, torí TS àti PV, agbára ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n èyí kò lè tú àṣìṣe àmì fó. Fún ìyẹn, ẹ tún dG kọ. Ẹ má sì yọ lẹ́tà ìsàlẹ̀ kúrò láé: ohun tí a dì mú ló sọ ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀.

Níbi tí omi ti ń hó, G ní ìgunpá, T àti P kò sì dá dúró mọ́. Ẹ kúrò lọ́dọ̀ G, ẹ lo agbára Helmholtz, F = U − TS, tó ń lo T àti V:

(∂S/∂V)_T = (∂P/∂T)_V

Omi àti ooru rẹ̀ wà pọ̀, nítorí náà T nìkan ló ń pinnu P, ó sì di dP/dT = ΔS/ΔV, níbi tí Δ ti jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ooru omi àti omi fúnra rẹ̀. Ní 100 °C, ΔS tó bíi 109 J/K fún móòlù kan, ΔV tó bíi 0.030 m³. Ẹ pín in, ẹ á rí nǹkan bíi 3.6 kPa fún kélífíìnì kan. Ẹ ṣí tábìlì ooru omi: láàárín 100 sí 101 °C, iye tí P fi pọ̀ sí i níbẹ̀ kò jìnnà sí èyí.