Kulikuli ni mo kọ sára ọ̀rá, ẹ̀pà ló yẹ kí n kọ

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ó ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń di oúnjẹ sínú ọ̀rá bíi tèmi, tí ẹ sì fẹ́ kó o lọ sókè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á.

Kubwa ní Abuja ni mo ti ń po yájì, ata tí àwọn Hausa fi ń sun ṣúyà. Kílíṣí ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kó lọ sí London, nítorí òun làwọn èèyàn wa níbẹ̀ ń bèèrè. Ṣùgbọ́n UK kì í gba ẹran láti Nàìjíríà, bó ti wù kó gbẹ tó. Ìdí tí mo fi yà sórí yájì nìyẹn: kò sí ẹran nínú rẹ̀, kì í sì í tètè bàjẹ́. Ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Peckham ní òun á bá mi tà á, mo sì fi páákì 480 ránṣẹ́, gíráàmù 100 lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀rá: ata gígún, atalẹ̀, kulikuli, kànáfùrù, iyọ̀, mági. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ gbogbo rẹ̀ àfi kulikuli. Ta ni kò mọ kulikuli?

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo wà nídìí ẹ̀rọ ìlọta ní ọjà Wuse nígbà tí ìyá náà pè. Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ, mo bọ́ síta. Ó ní àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò oúnjẹ fún ìjọba ìbílẹ̀ wọn wà níwájú òun. Ọ̀kan nínú wọn ti mú páákì mi, ó ń bèèrè ohun tí kulikuli jẹ́. Ọmọbìnrin tó ń tajà sì ti dáhùn pé ẹ̀pà ni.

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò lórí igbá. Páákì 70 sì ti wà nílé àwọn oníbàárà. Ìyá náà ní láti lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kí ẹni tó bá ra yájì yìí dá a padà, ẹ̀pà wà nínú rẹ̀. Orúkọ mi ló wà lórí ìwé yẹn. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ nígbà tó sọ pé, "Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà lè kú?" Mi ò lè sọ ju "Ẹ má bínú, Mà" lọ. Mo jókòó sórí àpò ata. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí mo bá pa ojú dé, ọmọ tí mi ò mọ̀ rí ni mò ń rí. A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó fara pa.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ tan èèyàn jẹ. Nọ́ńbà NAFDAC wà lára ọ̀rá mi. Ṣùgbọ́n òfin ibi tí ọjà ń lọ ni wọ́n á fi ṣàyẹ̀wò rẹ̀ níbẹ̀. Ohun 14 ni òfin UK sọ pé ó léwu fún àwọn kan: ẹ̀pà, àlìkámà, sóyà, yànmọtí, wàrà, ẹyin, ẹja àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀kan bá wà nínú oúnjẹ yín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gan-an, kí lẹ́tà rẹ̀ sì dúdú tàbí kó tóbi ju tàwọn yòókù lọ. Ẹ tú mági náà wò: ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Àlìkámà àti sóyà ló wà nínú èyí tí mò ń lò, mi ò sì kọ ọ̀kankan.

Àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tó kó ọjà wọ UK gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti nọ́ńbà ìpò, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn pé ìgbà kan náà la po àwọn páákì kan. Tèmi ò ní nọ́ńbà. Nítorí náà, kò sí bí a ṣe lè ya ìpò kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó.

Ti owó ńkọ́? Mo ta páákì kan ní ₦1,900. Èròjà àti ọ̀rá jẹ́ ₦700, owó ọkọ̀ òfurufú ₦850, mo rò pé ₦350 ni èrè. Àyẹ̀wò oró èbu tó máa ń wà nínú ẹ̀pà ná mi ní ₦192,000, mi ò sì kà á mọ́ owó ọjà. Ẹ pín in sí 480: ₦400 lórí páákì kan. Àdánù ₦50 ni mo ti ń tà á látìbẹ̀rẹ̀, kó tó di pé wọ́n kó o rárá.

Mo dá owó ìyá náà padà, mo tún lébẹ́ẹ̀lì ṣe, ó sì ti ní kí n kó 200 wá. Àmọ́ ó ní kí n kọ́kọ́ ya fọ́tò ẹ̀yìn ọ̀rá ránṣẹ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo fi ránṣẹ́ lánàá. Ẹ̀pà wà níbẹ̀, dúdú kirikiri.