Bí mo ṣe kọ́ gbígbé ọnà sórí agbádá ẹtù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́, mo mọ̀ pé ojú fèrèsé ni ẹ ti ń da ọnà kọ báyìí. Ẹ ó lẹ pépà mọ́ gíláàsì, ẹ ó tẹ́ aṣọ lé e lórí, oòrùn á tàn gba inú méjèèjì kọjá, pẹ́ńsù yín á sì máa tẹ̀lé ìlà. Èmi náà lò ó fún ọdún méjì lórí aṣọ funfun, n kò sì ronú pé ọ̀nà mìíràn wà, títí wọ́n fi gbé agbádá ẹtù kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n ṣe ọnà sí àpò àyà rẹ̀.

Ẹ mọ bí ẹtù ṣe rí. Aró ti mu ún dé ibi tó fi dúdú, ìlà tín-ín-rín funfun ló kàn là á láàárín, ó sì ki. Mo gbé e sójú fèrèsé lọ́sàn-án gangan, n kò rí nǹkan kan.

Kábọ̀nù funfun tí àwọn télọ̀ ń lò ni mo kọ́kọ́ sá lọ rà. Mo tẹ́ ẹ sáàárín pépà àti aṣọ, mo fi bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti gbẹ tẹ̀ ẹ́ kárí. Nígbà tí mo ṣí i, ìlà náà wà, àmọ́ jákujàku ni. Ojú aṣọ òfì kò tẹ́jú. Òwú kan ń gun orí òwú kejì, èyí tó ga nìkan ni kábọ̀nù máa ń kàn, èyí tó wà nísàlẹ̀ kò gba nǹkan. Mo ní kò burú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Kí n tó dé ìdajì, ọrùn ọwọ́ mi ti nu ìyókù kúrò. Mo fi ojú wọ̀n ọ́n lọ, òbìrípo tó yẹ kó wà láàárín àpò sì di ẹyin adìyẹ. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni mo tú.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá mi wá fi bí wọ́n ṣe ń gún pépà hàn mí: wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún ihò tẹ̀lé ìlà ọnà, ẹ̀fun á sì gba inú ihò náà bọ́ sórí aṣọ. Ọ̀nà àtijọ́ ni, òun ni mo sì ń lò títí di òní lórí aṣọ dúdú tó ki.

Ẹ ya ọnà náà sórí pépà lásán bí ó ṣe máa tóbi tó gan-an. Ẹ tẹ́ pépà yìí sórí búláńkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ká sí mẹ́rin, kí abẹ́rẹ́ lè ríbi wọ̀. Abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín ni kí ẹ mú, ẹ fi ìdí rẹ̀ gún inú kùkùté àbẹ́là kí ó má baà dá egbò sí yín níka. Ẹ wá máa gún ihò tẹ̀lé ìlà. Níbi tí ìlà bá ti tẹ̀, kí ihò kan jìnnà sí èkejì tó nǹkan bíi mìlímítà 2. Níbi tó bá ti lọ gbọọrọ, mìlímítà 3 ti tó. Kí abẹ́rẹ́ dúró ṣánṣán. Bó bá dagun, ihò náà á dagun, ẹ̀fun kò sì ní bọ́ síbi tí ẹ fẹ́. Lẹ́yìn èyí ni fèrèsé tún wúlò: ẹ gbé pépà náà sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí ibi tí ẹ fò.

Ohun kan tí mo gbàgbé nígbà àkọ́kọ́ nìyí. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọ̀, ó máa ń ti etí pépà jáde lẹ́yìn, etí yìí sì lè dí ihò padà. Ẹ dojú pépà délẹ̀, ẹ fi sáńdípépà tó kúnná jù lọ ra ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mi ò ra tèmi, ìdá kan nínú mẹ́ta ọnà náà kò sì hàn lórí aṣọ.

Ní ti ẹ̀fun, ṣọ́ọ̀kì funfun ni mo máa ń gún, mo sì máa ń fi ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn obìnrin ń wọ̀ jọ̀ ọ́. Ẹ fi pín-ìnnì di pépà mọ́ ojú aṣọ. Ẹ ká àkísà kan le dáadáa bí ìka méjì, ẹ tọ ẹnu rẹ̀ bọ ẹ̀fun, ẹ gbọn èyí tó pọ̀ jù dànù, kí ẹ wá máa fi í yí róbótó lórí ihò. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó ṣí pépà pátápátá, ẹ gbé igun kan sókè wò nígbà tí pín-ìnnì ṣì di ìyókù mú. Bí àmì náà bá dá dúró wínníwínní, ó dára. Bó bá fẹ̀ tí ó sì ń wọnú ara wọn, ẹ̀fun ti pọ̀ jù. Ẹ gbọn aṣọ náà kí ẹ tún un ṣe.

Ìṣòro tó jẹ́ ti ẹtù gan-an ni pé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, wọ́n á wá rán an pọ̀. Gbogbo ibi tí wọ́n ti rán an ló máa ń yọ gọngọ díẹ̀. Pépà á gbéra níbẹ̀, ẹ̀fun á sì tàn sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo kọ́kọ́ máa ń fi áyọ́ọ̀nù àti aṣọ tútù tẹ ẹ̀yìn ojú rírán náà pẹrẹsẹ, màá sì fi pín-ìnnì di pépà mú lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Ojú rírán yìí kan náà ló wá di olùrànlọ́wọ́ mi. Mo máa ń fa ìlà òró kan sórí pépà, màá sì gbé e lé ojú rírán. Bẹ́ẹ̀ ni ọnà kì í dagun, kódà bí aṣọ náà bá gùn.

Ẹ gbé pépà sókè tààrà, ẹ má fà á. Láti ìgbà náà lọ, àmì tó wà lórí aṣọ kò ní pẹ́: ẹ má gbé aṣọ káàkiri, ẹ má jókòó sábẹ́ fáànù. Àwọn kan máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín àti ọ̀dà funfun so àmì pọ̀. Ó dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀dà yẹn kì í kúrò, nítorí náà òwú iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bò ó pátá. Lórí ẹtù, òwú ni mo fi ń gán an. Mo kọ́kọ́ lo òwú funfun, ó pòórá sínú ìlà funfun aṣọ. Òwú pupa rúsúrúsú tí kì í ṣí àwọ̀ ni mo ń lò báyìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọwọ́ yín kò ti ní gba orí àmì kọjá. Bí ẹ bá gán an tán, ẹ gbọn ẹ̀fun dànù. Ọnà kò lè sọnù mọ́.

Ẹ tọ́jú pépà tí ẹ gún. Agbádá mẹ́rin ni mo ti fi ẹyọ kan ṣe.

Ọ̀nà yìí kì í ṣiṣẹ́ lórí àrán, nítorí irun rẹ̀ á gbé ẹ̀fun mì. Fún àrán, ẹ fi pẹ́ńsù ya ọnà sórí pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn. Ẹ má lo bírò, òwú á fa yíǹkì. Ẹ dè é mọ́ ojú aṣọ, ẹ gán an pẹ̀lú pépà lórí, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ fa ìlà náà já kí ẹ tó ya pépà kúrò díẹ̀díẹ̀. Nígbà kan mo ṣe é láti ẹ̀yìn aṣọ torí pé ẹ̀yìn tẹ́jú. Ọnà àpò jáde ní òdìkejì, ó kọjú síbi tí kò yẹ. Bí ẹ bá máa gán an láti ẹ̀yìn, ẹ dojú pépà náà dé kí ẹ tó dè é.

Bí ẹ bá wá ń rán iṣẹ́ gan-an, ẹ máa yọ òwú gígán níwájú abẹ́rẹ́ yín, bíi sẹ̀ǹtímítà 3 síwájú. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ dìgbà tí iṣẹ́ bá parí, abẹ́rẹ́ á ti gún un láàárín, òwú iṣẹ́ á ti dì í mọ́lẹ̀, ẹ ó sì máa fi ẹ̀múgàgá fà á jáde ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan.