Wákàtí 128 tí kò sí nínú táìmù-tébù

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé yunifásítì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ ìlera àwùjọ, mo wo táìmù-tébù mi, ọkàn mi sì balẹ̀. Kọ́ọ̀sì mẹ́rin ni mo ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí kan àti sẹ́mínà wákàtí kan lọ́sẹ̀, ìyẹn wákàtí mẹ́jọ péré. Níbi tí mo ti gba oyè àkọ́kọ́, àárọ̀ ṣúlẹ̀ la fi ń jókòó sí kíláàsì, ohun tí olùkọ́ bá sì pè fún wa láti kọ náà ni ìdánwò máa ń bi wá. Mo rò pé wọ́n fún mi láyè láti mí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ló kọjá kí n tó mọ̀ pé inú àyè tó ṣófo yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà.

Inú ìwé àlàyé kọ́ọ̀sì ni mo ti rí i. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti fún wa, n kò sì ṣí i wò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé krẹ́díìtì 15 ni kọ́ọ̀sì náà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, krẹ́díìtì kan dúró fún wákàtí 10 tí wọ́n retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣiṣẹ́, torí náà wákàtí 150 ni kọ́ọ̀sì yẹn. (Ẹni tó bá ń lọ sí yunifásítì tó ń lo krẹ́díìtì ECTS ti Yúróòpù, wákàtí 25 sí 30 ni kó máa kà sí krẹ́díìtì kan.) Mo wá ṣírò kíláàsì mi: wákàtí méjì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 11 jẹ́ 22. Ó ku 128, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó máa pè mí pé, "Ó yá, àkókò tó."

Mo pín in báyìí: mo yọ 50 sọ́tọ̀ fún àròkọ tí wọ́n fi máa gba máàkì, ó ku 78. Tí a bá pín ìyẹn sí ọ̀sẹ̀ 11, ó lé díẹ̀ ní wákàtí méje lọ́sẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kan. Kọ́ọ̀sì mẹ́rin jẹ́ 28. Tí a bá fi wákàtí mẹ́jọ ti kíláàsì kún un, ó di 36. Iṣẹ́ olóṣù lèyí, àfi pé kò sí ọ̀gá tó ń ṣọ́ni. Mo kọ wákàtí méje-méje yẹn sínú táìmù-tébù mi bí ẹni pé kíláàsì ni, pẹ̀lú ọjọ́ àti àsìkò tí mo máa jókòó. Kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, n kò lè ṣe é déédéé.

Ṣùgbọ́n wákàtí nìkan kò tó, torí mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n fi í ṣe. Mo ń ka gbogbo ohun tó wà nínú àkójọ ìwé láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìparí, mo sì ń kó o sórí. Ní sẹ́mínà kẹta, olùkọ́ wa kọjú sí mi, wọ́n ní, "Kí lo rò nípa ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìwádìí yìí?" Mo ka àbájáde ìwádìí náà fún wọn láìgbàgbé ẹyọ kan. Wọ́n dúró títí mo fi parí, wọ́n wá tún ìbéèrè náà bi mí. N kò rí nǹkan kan sọ. Ó dùn mí, torí mo ti kàwé lóòótọ́.

Àròkọ àkọ́kọ́ ló wá là mí lójú. Ìbéèrè náà ni pé ṣé ó yẹ kí á máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tí a ń fún ní àwọ̀n ẹ̀fọn. Mo kọ ọ̀rọ̀ 2,500, mo sì gba 52. Lọ́dọ̀ wa níbẹ̀, 50 ni wọ́n fi ń yege, 70 sókè sì ni máàkì tó ga jù, nítorí náà kí ẹni tó bá rí 65 má ṣe sunkún. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ tèmi ni pé: "O ròyìn ìwé dáadáa. Èrò tìrẹ dà?"

Gbogbo olùkọ́ níbẹ̀ ló ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n fi ń jókòó de akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ́fíìsì wọn. Mo ti rò pé àwọn tó wọ gàù nìkan ló wà fún. Mo lọ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo ní mo fẹ́ mọ ìdí tí mo fi gba 52. Wọ́n ní, "Ìpínrọ̀ wo ni ká wò?" N kò mú èyí tí mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀ wá. Wọ́n ní kí n lọ mú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo, kí n padà wá. Ohun tí mo mú lọ nìyí:

"Cohen àti Dupas (2010) ṣe ìwádìí ní Kẹ́ńyà. Wọ́n rí i pé àwọn aláboyún tó gba àwọ̀n dínkù gan-an nígbà tí wọ́n bu owó lé e. Wọn kò sì rí i pé àwọn tó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ń lò ó kéré sí àwọn tó sanwó."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Olùkọ́ mi kàn bi mí pé: ta ni ìwádìí yìí ń dá lóhùn? Ibo lagbára rẹ̀ mọ? Mo lo odidi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lórí ìbéèrè méjì yìí, mo sì tún un kọ báyìí:

"Àwọn tó fẹ́ ká máa gba owó sọ pé ẹni tó bá sanwó nìkan ló máa lo àwọ̀n. Ìwádìí Cohen àti Dupas (2010) kò ti èyí lẹ́yìn: owó lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sẹ́yìn, kò sì hàn pé ó mú kí àwọn tó kù lò ó sí i. Ṣùgbọ́n aláboyún tó wá sí ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣe é lórí wọn. Ó tó fi gbè lẹ́yìn pé kí á fún aláboyún lọ́fẹ̀ẹ́. Kò tíì tó fi sọ pé bákan náà ló máa rí tí a bá ń pín in láti ojúlé dé ojúlé."

Ìwé kan náà ni, àbájáde kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹni tó bá ka èkejì lè bá mi jiyàn. Láti ìgbà náà, tí mo bá ń kàwé, etí ìwé ni mo ń kọ ìbéèrè méjèèjì sí. Mo kọ́kọ́ máa ń ka àkótán, lẹ́yìn náà ìparí, lẹ́yìn náà ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìwádìí. Tí kò bá dá ìbéèrè tí mo gbé wá lóhùn, mo máa ń gbé e tì. Ó kọ́kọ́ ń ṣe mí bíi pé mo ń ja iṣẹ́ lólè.

Àròkọ kejì, mo gba 64. Olùkọ́ kan náà fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan lójú ìwé kẹrin, wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "N kò gbà. Kí ni ẹ̀rí rẹ?" Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo mú ojú ìwé yẹn nìkan, mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn.