Kí ẹ tó gbé orúkọ ọkọ sórí ìwé: NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Báńkì ni mo kọ́kọ́ sáré lọ, ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìgbéyàwó wa. Àjàyí ni mò ń jẹ́ nílé bàbá mi, Ọláníyan sì ni orúkọ ìdílé ọkọ mi. Lójú mi, níwọ̀n bí owó oṣù mi ti ń gba báńkì wọlé, ibẹ̀ ló yẹ kí orúkọ tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa lọ. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ní orúkọ tí mo kọ kò bá èyí tó wà lórí NIN mi mu, nítorí náà wọn ò lè fọwọ́ kan BVN mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí òṣìṣẹ́ kan tó là á yé mi pé ìdí igi ni mo fi sílẹ̀, tí mò ń bomi sí ewé.

NIN ni ìdí igi náà ní Nàìjíríà lónìí. Tí ẹ bá fẹ́ gba páṣípọ́ọ̀tù, inú àkọsílẹ̀ NIN ni wọ́n ti máa yẹ orúkọ yín wò. Báńkì ń wo ibẹ̀, àwọn tó ń ta síìmù ń wo ibẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì náà ń wo ibẹ̀. Ohun tí ẹ bá tún ṣe níbòmíràn ṣáájú rẹ̀, ẹ ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Àmọ́ ohun méjì wà tó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn NIN. Èkínní ni ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó. Èyí tí wọ́n sábà máa ń gbà ni ti rejísìrì, yálà ti ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀ bí èyí tó wà ní Ìkòyí, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní àṣẹ láti so ènìyàn pọ̀. Ẹni tó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tàbí nìkáhì nìkan lè ní láti lọ búra ní kọ́ọ̀tù kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Kò sí òfin kankan tó ní dandan ni kí obìnrin gba orúkọ ọkọ o. Ẹni tó bá wù ló ń ṣe é, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ wa pé àwa fúnra wa la fẹ́ ẹ.

Èkejì ni ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ohun tó sì ń sọ ni pé: èmi tí wọ́n ń pè ní Omidan Àjàyí tẹ́lẹ̀, Ìyáàfin Ọláníyan ni mo fẹ́ máa jẹ́ báyìí, gbogbo ìwé mi àtijọ́ ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ gbólóhùn ti ìwé àtijọ́ yẹn, nítorí òun ni yóò máa gbèjà ìwé ẹ̀rí iléèwé yín títí ayé. Nínú tèmi, wọ́n fi O sí ibi tí A yẹ kó wà nínú Ọláníyan. Lẹ́tà kan péré ni, ṣùgbọ́n mo ní láti sanwó ìkéde mìíràn, torí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn yẹn kì í ṣe èmi. Ẹ ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ hàn yín kí ẹ tó sanwó. Ọjọ́ tó bá jáde, ẹ ra odindi ìwé ìròyìn náà, ó kéré tán mẹ́ta. Ẹ má gé ìkéde náà jáde, torí wọ́n máa ń fẹ́ rí ọjọ́ tó wà lórí ojú ìwé.

Kódà kí ìkéde tó jáde, ẹ jókòó pẹ̀lú bébà kan kí ẹ kọ orúkọ náà bí yóò ṣe rí níbi gbogbo. Àyè mẹ́ta ló wà lórí NIN: orúkọ ìdílé, orúkọ àkọ́kọ́, orúkọ àárín. Mo fẹ́ fi Àjàyí sí àárín kí orúkọ bàbá mi má bàa parẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ kan ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ. Àwọn kan a fi àmì kékeré so méjèèjì pọ̀, Àjàyí-Ọláníyan. Ó dára, àmọ́ ẹ mọ̀ pé àwọn ẹ̀rọ kan kì í gba àmì náà, wọn a kọ ọ́ ní orúkọ kan gígùn, wọn a sì sọ fún yín lọ́la pé kò bára mu. Mo fi Àjàyí sílẹ̀, inú mi ò sì dùn sí i lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún NIN ṣe, nọ́ńbà mọ́kànlá yín kò ní yí padà, orúkọ nìkan ni. Ẹ tẹ ìwé NIN tuntun jáde, kí ẹ ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà ni kí ẹ tó lọ sí báńkì. Kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù, ẹ bẹ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé kó yẹ NIN yín wò lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, kó ka orúkọ tó rí síta. Bó bá ṣì ń ka ti àtijọ́, ẹ padà sílé, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. BVN ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n tó ṣe àkáǹtì. Báńkì kejì tàbí ìkẹta tí ẹ ní àkáǹtì sí, ẹ gbọ́dọ̀ lọ fúnra yín. Oṣù yẹn gan-an ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí ibi iṣẹ́, kí orúkọ owó oṣù àti ti ìfẹ̀yìntì lè tẹ̀lé e.

Páṣípọ́ọ̀tù ló kàn, bí ẹ ò bá ní ìrìn àjò nítòsí. Ibi iṣẹ́ mi fẹ́ rán mi lọ sí Àkrà ní Gánà, wọ́n sì fi Ọláníyan ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi nígbà tí páṣípọ́ọ̀tù ọwọ́ mi ṣì ń jẹ́ Àjàyí. Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ẹni tó gba ìwé lọ́wọ́ mi wò ó, ó dá a padà. Mo gbé ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó síta, kò tà létí rẹ̀. Orúkọ tó bá wà lórí páṣípọ́ọ̀tù ni ẹ ó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, bó ti wù kí ìgbéyàwó pẹ́ tó. Bí ìrìn àjò bá kù sí oṣù méjì, ẹ fi páṣípọ́ọ̀tù sílẹ̀ títí ẹ ó fi dé. Bí físà bá wà nínú ti àtijọ́, ẹ má sọ ọ́ nù: nọ́ńbà ti tuntun yàtọ̀, ẹ ó sì nílò méjèèjì.

Ìwé ìwakọ̀ lè dúró di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gba òmíràn. Káàdì ìdìbò sì di ìgbà tí INEC bá ń forúkọ sílẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí iléèwé ni ẹnikẹ́ni kò ní tún kọ fún yín nítorí ìgbéyàwó. Ti WAEC mi ń jẹ́ Àjàyí, ti yunifásítì náà sì ń jẹ́ Àjàyí. Mo ra fáìlì kan, mo to wọn sínú rẹ̀, mo fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti odindi ojú ìwé ìròyìn kan sẹ́yìn wọn. Ibi tí mo bá ti wáṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni mo ń gbé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó bèèrè ta ni Àjàyí.