Lẹ́tà òpin ọdún sí Ìyá Ìbejì: ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè tí Del Boy ṣubú

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún o, ìwọ àti Bàbá Ìbejì, àti Mọ́mì. Ọyẹ́ á ti máa fẹ́ lọ́dọ̀ yín ní Abẹ́òkúta. Níbí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í tíì lù kí ilẹ̀ tó ṣú. O mọ̀ pé mo máa ń ṣe àyẹ̀wò ọdún mi kí ọdún tuntun tó wọlé. Ìwọ ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí, torí ohun tó dùn mọ́ mi jù lọ́dún yìí, ìwọ nìkan lo mọ ìdí rẹ̀.

Jẹ́ kí n yára ka ìyókù ná. A ò sin òkú nínú ilé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọmọbìnrin mi ti wọ yunifásítì. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń gun àtẹ̀gùn. Wọ́n sì mú mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni wọ́n gbà, mo wá rí ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè mi gbà padà.

Ohun tí mo fi ìrọ̀lẹ́ náà ṣe ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo Only Fools and Horses láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin mi. Eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n yẹn, eré Del Boy, bí àwa ṣe máa ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òun náà báyìí, ọjọ́ orí wa nígbà yẹn gan-an. Mo ní láti ṣàlàyé fún un pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni Del àti Rodney Trotter, pé Peckham ní London ni wọ́n ń gbé, pé ọjà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti wá ni wọ́n ń tà káàkiri nínú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè. Ó rí ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ náà, New York, Paris, Peckham, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò lè mọ bí ó ṣe rí lára tiwa. Àdúgbò tí àwọn ọmọ kíláàsì wa kan ń bẹ̀rù láti wọ̀ ni wọ́n kọ tẹ̀ lé Paris yẹn, tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń kà á.

Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń wá ilé wa nínú àwòrán? Ẹ̀yin ní yàrá mẹ́ta lórí North Peckham Estate, níbi tí àwọn ọ̀nà orí afárá gùn gbọọrọ tí wọ́n so ilé mọ́ ilé. Ìwọ máa ń sọ pé o rí òpópónà kan tó jọ tiwa. Mo wádìí rẹ̀ lọ́dún yìí. Peckham kọ́ ni wọ́n ti ya ilé gogoro tí wọ́n ń fi hàn. Acton, ní apá ìwọ̀ oòrùn London, ni ti àkọ́kọ́ wà, nígbà tó sì yá, Bristol ni wọ́n ti ń ya ti ìta. Wọ́n ti wó èyí tó pọ̀ jù nínú North Peckham tiwa báyìí, nítorí náà kò sí ibi tí mo lè mú ọmọ mi lọ kí n sọ fún un pé, wò ó, ibí la jókòó sí.

John Sullivan ló kọ gbogbo rẹ̀, láti 1981. Bí a ṣe ń wò ó lọ, a dé ibi tí Lennard Pearce, tó ń ṣe bàbá àgbà wọn, ti kú lóòótọ́ ní 1984, tí wọ́n sì sin bàbá náà nínú eré pẹ̀lú. Ọmọ mi dákẹ́. Buster Merryfield wá wọlé lẹ́yìn náà, òun ni Uncle Albert onírùngbọ̀n funfun tí Mọ́mì fẹ́ràn.

Nígbà tó yá, a dé Sọ́ńdè tiwa. Ọjọ́ 8, oṣù kìíní, ọdún 1989 ni. O ti mọ èyí tí mò ń sọ. Del ṣubú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ mi ti rí i tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ti gé ibẹ̀ nìkan ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, kò sì pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní ọkùnrin kan ṣubú ni, kí ló wá kù níbẹ̀? Mo ní kó jókòó, kí a wò ó láti orí. Ìdáhùn wà nínú ohun tó ṣáájú.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti sọ eré náà di àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ọgbọ̀n ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, àyàfi ti Kérésìmesì. Àyè yẹn ló jẹ́ kí Sullivan lè fara balẹ̀ ṣètò. Del ti wo fíìmù Amẹ́ríkà kan nípa àwọn olówó New York, ó sì ti pinnu pé òun náà di ọ̀kan nínú wọn. Ó wọ ẹ̀wù òjò gígùn, ó gbé àpótí ọwọ́ onírin, ó mú Trigger, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ ìgboro, lọ sí báà tí àwọn ọ̀dọ́ olówó ti ń mu wáìnì. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé Beaujolais Nouveau wá, ó sì ní ti 1979 ni òun fẹ́. Àwa ò mọ nǹkan kan nípa wáìnì nígbà yẹn, eré yẹn fò wá dá. Irú wáìnì yìí, lọ́dún tí wọ́n pọn ọ́n gan-an ni wọ́n ń mu ún. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ èyí tó ti pé ọdún mẹ́wàá ti fi ara rẹ̀ hàn. Àmọ́ Del gbé orí sókè, ó gbà pé òun ti bọ́ sípò.

Ó wá rí obìnrin méjì tó ń wo apá ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní kí Trigger fara balẹ̀, kó má ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ó ti fara ti káńtà tẹ́lẹ̀, ó mọ̀ pé káńtà wà níbẹ̀. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ọmọkùnrin tó ń ta ọtí gba ẹ̀yìn kọjá, ó gbé pákó ẹnu ọ̀nà káńtà sókè, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀. Àwa tí à ń wò rí i. Del ò rí i. Ó tún fẹ́ fara tì í, ojú rẹ̀ wà lára àwọn obìnrin náà, ó sì wó lọ bí ògiri.

Mo dá ibi yìí padà léraléra, Ìyá Ìbejì, mo sì rí ohun tí ojú ọmọdé wa ò rí. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣubú ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń yọ jáde, ojú rẹ̀ á sì wá ilẹ̀. Bí òṣèré bá fẹ́ díbọ́n, ibẹ̀ lo ti máa mú un: á yọ́jú wo ibi tó fẹ́ balẹ̀ sí kó tó lọ. David Jason, tó ń ṣe Del, ò wò ó. Ara rẹ̀ le gbagidi, apá rẹ̀ ò yí padà, ẹ̀rín músẹ́ tó fẹ́ fi fa ojú obìnrin mọ́ra ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ti ń lọ sílẹ̀. Wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sí ẹ̀yìn káńtà dè é, ìyẹn dájú, ṣùgbọ́n tìmùtìmù kọ́ ló ń sọ fún ọwọ́ ènìyàn pé kó má yọ. Mo ní kí ọmọ mi dán an wò lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bó ti wù kó gbìyànjú tó, ọwọ́ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni ọkùnrin yẹn ṣe.

Sullivan fúnra rẹ̀ ti rí ẹnì kan ní báà tó fẹ́ ṣubú báyìí, àmọ́ ẹni yẹn rí nǹkan dì mú. Wọ́n jẹ́ kí Del lọ pátápátá, wọ́n sì ṣe é dáadáa, torí ẹni tó bá rí nǹkan dì mú ti mọ̀ pé òun ń ṣubú. Del ò mọ̀.

Síbẹ̀, bí o bá bi mí, Trigger ló ni ẹ̀rín náà. Roger Lloyd-Pack, tó ti kú ní 2014, kọjú síbòmíràn nígbà tí Del lọ. Ó yíjú padà, kò rí ẹnì kankan. Ó wo ibi tí Del wà. Ó wo apá ibòmíràn. Kò wo ilẹ̀! Kò pariwo, kò ya ẹnu. Ojú rẹ̀ kàn ń wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó lè ti jáde. Ká ní ó rí ìṣubú náà ni, Del ì bá ti di ẹni ẹ̀gàn lójú rẹ̀. Nítorí pé kò rí i, Del dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní kí Trigger mu ọtí rẹ̀ tán kí wọ́n máa lọ, pé Trigger ló ń ba iṣẹ́ òun jẹ́. Trigger sì gbà. Níbi tí wọ́n ti gé e lórí fóònù, ìṣubú nìkan ló ṣẹ́ kù. Ọmọ mi rí gbogbo rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ́ kúrò lórí àga.

Mo wá ń rántí Mọ́mì. Àmàlà ló ń rò lọ́wọ́, orógùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó jáde láti kíṣìnì, ó sì dé lásìkò tí ọkùnrin náà lọ sílẹ̀ gan-an. Ó kígbe sí tẹlifíṣọ̀n pé, “Yéè! Pẹ̀lẹ́ o! Ṣé o ò fara pa?” Ó wá kọjú sí wa tí à ń yí ká lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní irú ọmọ wo nìyí tí àgbàlagbà ṣubú tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àmàlà bọ́ láti ẹnu orógùn sílẹ̀, ìwọ sì tún bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ́ gbá ọ, òun náà ò lè mú ẹ̀rín mọ́ra mọ́. Mo sọ èyí fún ọmọ mi. Ó ní apá ti Mọ́mì dára ju ti Del lọ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Jọ̀wọ́, bi í léèrè fún mi bóyá ó rántí. Bí o bá lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí Wátsáàpù, fi ránṣẹ́.

A ti wò ó kọjá ibẹ̀ báyìí. Rodney ti gbé Cassandra níyàwó, wọ́n sì ti ń jà. Ó ku èyí tí wọ́n fi hàn ní ọjọ́ 29, oṣù kejìlá, ọdún 1996, tí wọ́n rí aago àtijọ́ nínú gáráàjì wọn, tí wọ́n tà á ní £6.2 mílíọ̀nù. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún ènìyàn tó wò ó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìwọ sì ti padà sílé nígbà náà, o ò rí i. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé a ò ní fọwọ́ kàn án. Àwọn tí wọ́n tún wá ṣe lẹ́yìn rẹ̀, láti 2001 sí 2003, kò wù mí, èyí yẹn ni mo kà sí òpin. Nígbà tí o bá kó àwọn ìbejì wá lọ́dún tó ń bọ̀ gẹ́gẹ́ bí o ṣe ṣèlérí, màá ra èlùbọ́ ní Rye Lane, a ó sì wò ó ní Sọ́ńdè tí ẹ bá kọ́kọ́ lò pẹ̀lú wa. Sọ ọjọ́ tí ẹ máa dé fún mi kí n tètè gba àyè lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Bọ̀dé