Ẹ Má Wo Ara Nìkan, Ẹ Wo Ẹnu: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí Ara Mi Sú Lẹ́yìn Oògùn Tuntun

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mo ti kúrò ní ọsibítù, èékánná mi kò sì tíì hù tán. Mo fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ kí n tó gbàgbé bí ó ṣe rí gan-an, torí ó dá mi lójú pé ẹnìkan wà tí yóò kà á, tí ara rẹ̀ ti sú, tí páálí oògùn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Kabamasepíìnì ni orúkọ oògùn tó ṣe mí bẹ́ẹ̀. Oògùn wárápá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń fi tọ́jú irú ìrora iṣan ojú tó ń bá mi jà, èyí tó máa ń ta mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún bí ìgbà tí iná mànàmáná gbé ènìyàn. Dókítà tó kọ ọ́ fún mi kò ṣe àṣìṣe, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń lò fún irú ìrora bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 100 miligíráàmù láàárọ̀, 100 lálẹ́. Kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, ìrora náà ti rọlẹ̀, mo sì ti ń jẹun bí ènìyàn. Ní ọjọ́ kẹjọ, Ọjọ́ Ajé kejì, mo sọ ọ́ di 200 láàárọ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ara mi gbóná. Ọ̀fun ń dùn mí tí mo bá gbé itọ́ mì, ojú sì ń ta mí bí ẹni tó jókòó sídìí èéfín. Èmi náà pè é ní ibà. Mo lo parasítámọ̀lù àti oògùn ibà, mo sì lo kabamasepíìnì alẹ́ lé e. Àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni nǹkan sú sí mi ní àyà àti ẹ̀yìn. Kò pupa. Èmi dúdú, ara mi kì í pupa. Ó dà bí ibi tí ẹ̀jẹ̀ kú sí, ó pẹlẹbẹ, àárín rẹ̀ dúdú ju etí rẹ̀ lọ. Kò yún mi rárá. Ó ń dùn mí. Aṣọ tí mo wọ̀ ń dùn mí lára bí ẹni tí oòrùn ti bó.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé kì í ṣe pé oògùn yẹn ò bá ẹ lára mu? Lo oògùn tí wọ́n fi ń pa ìyúnra." Mo lò ó, kò ṣe nǹkan kan. Mi ò bá a wí, ohun tí ẹnikẹ́ni yóò sọ ló sọ. Àwọn kan ti bi mí pé kí ló dé tí n kò dá oògùn náà dúró. Ìwé inú páálí rẹ̀ ní kí ènìyàn má ṣe dá a dúró láìsọ fún dókítà, ìrora tí mo sì ń sá fún kì í ṣe èyí tí ènìyàn fẹ́ kó padà. Láti ìgbà tí ara mi ti gbóná dé ìgbà tí mo dé ọsibítù, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo tún lò ó. Mo ti ka iye yẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Lọ́jọ́rú, ẹnu mi di egbò. Omi lásán ń jó mi lẹ́nu. Tí mo bá fẹ́ tọ̀, ó ń ta mí gan-an, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, n kò so wọ́n pọ̀. Lóru ọjọ́ náà ètè mi wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Mo jí, ojú mi ò là. Nǹkan ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Mo fẹ́ pe ọkọ mi, ètè mi ti lẹ̀ mọ́ aṣọ ìrọ̀rí, nígbà tí mo sì gbé orí, mo gbọ́ bí ó ṣe ya. Ó wá, ó ní "Jẹ́ kí n gbé ọ dìde," ó sì fi ọwọ́ sí abẹ́ apá mi. Nígbà tó gbé mi, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Ó rò pé òógùn ni. Awọ ara mi ló bá ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó ká jọ bí ìwé tó rin sómi, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ rí pupa rokoso, omi sì ń jáde níbẹ̀. N kò rí i, torí ojú mi ṣì pa dé. Mo gbọ́ bí ọkọ mi ṣe dákẹ́. Ọkùnrin tí kì í dákẹ́ ni. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù ju ìrora lọ.

Ní ọsibítù, dókítà pàjáwìrì wo ẹnu mi kó tó wo ara mi. Lẹ́yìn náà ó fi àtàǹpàkò rọra ti ibì kan lára mi tí ìléròrò kò tíì sí, awọ ibẹ̀ sì yẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, oògùn wo lẹ̀ ń lò, ìgbà wo lẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan?" Ọkọ mi kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Amilodipíìnì fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ọdún mẹ́rin. Kabamasepíìnì, ọjọ́ mọ́kànlá. Parasítámọ̀lù àti oògùn ibà, láti alẹ́ Ọjọ́ Ajé. Èmi ti ń fọkàn fura sí oògùn ibà. Ó ní rárá: ara ti gbóná kí n tó lò ó, ohun tó dé lẹ́yìn àìsàn kò lè jẹ́ òun ló fà á. Èyí tí ara ti gbà fún ọdún mẹ́rin náà kò jọ ọ́. Oògùn tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ láti bí ọjọ́ mẹ́rin sí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ṣáájú àìsàn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mú. Ọ̀kan ṣoṣo ló bọ́ sí àárín yẹn.

Orúkọ dókítà méjì tó ń tọ́jú ọmọdé, Sitífìnsì àti Jọ́ńsìn, tí wọ́n ṣàpèjúwe àìsàn náà ní 1922, ni wọ́n fi ń pè é. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn wọn ibi tí awọ ti ṣí: àtẹ́lẹwọ́ kan pẹ̀lú ìka rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ara. Tèmi jẹ́ mẹ́jọ. Tí kò bá tíì pé mẹ́wàá, orúkọ yẹn ló ń jẹ́. Tó bá ju ọgbọ̀n lọ, ó ti di èyí tó burú jù, tí ó lè pa nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹ wo bí mẹ́jọ ṣe sún mọ́ mẹ́wàá.

Wọ́n dá oògùn náà dúró lójú ẹsẹ̀. Wọ́n tọ́jú mi bí ẹni tí iná jó: omi sí iṣan, aṣọ egbò tí kì í lẹ̀ mọ́ ara, oògùn ìrora. Dókítà ojú dé lọ́jọ́ náà gan-an, torí ìpéǹpéjú lè lẹ̀ mọ́ ẹyin ojú tí wọ́n bá fi sílẹ̀. Mo lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Awọ tuntun hù. Mo ṣì ń kán omi sójú, torí ojú mi máa ń gbẹ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Tí oògùn tuntun bá mú kí ara yín sú, ẹ lọ síwájú dígí, ẹ ya ẹnu, ẹ tan iná sí i. Irú ara sísú tó wọ́pọ̀ jù, tí kì í sì í pa ènìyàn, máa ń yọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́rìnlá. Àyà tàbí ikùn ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí, wínníwínní ni, ó ń yún, ẹnu àti ojú mọ́, ara yá gágá. Ìyẹn náà, ẹ pe ẹni tó kọ oògùn fún yín lọ́jọ́ náà, ó sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí wọ́n bá ti dá oògùn dúró. Ṣùgbọ́n tí egbò bá wà lẹ́nu, tàbí ojú ń ta, tàbí ojú ara ń ta, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ara sísú lásán. Ó ti dé àwọn ibi tó máa ń rin lára, bíi ẹnu àti ojú. Tèmi ti wà ní ọ̀fun àti ojú kí ohunkóhun tó hàn lára mi.

Kí ló ń ṣe ara yín, ó ń yún ni àbí ó ń dùn? Ẹ bi ara yín bẹ́ẹ̀. Ara tó ń dùn ju bí ó ṣe rí lójú lọ, ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Ibà pẹ̀lú ara sísú, ìléròrò, àmì tó dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó kú: ìkankan nínú wọn lẹ́yìn oògùn tuntun tó láti gbé yín dé ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́jọ́ náà. Mo tún ń sọ ọ́, ẹ wo ẹnu. Àwọn dúdú bíi tèmi, ẹ má dúró de pupa.

Nípa dídá oògùn dúró, kí ẹ má lọ sọ pé mo ní kí oníwárápá da oògùn rẹ̀ nù nílé. Gìrì lè tìdí rẹ̀ wá. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ má lo ìwọ̀n tó kàn kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ lọ ní kíákíá, kí ẹ mú páálí náà dání, kí wọ́n lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Oògùn mìíràn tí wọ́n mọ̀ mọ́ irú èyí ni lamotirijíìnì, fenitóìnì, alopurinóòlù, àti kotirimósásóòlù tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sẹ́pítírìn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lò wọ́n kì í rí nǹkan kan. Àwọn kan sì wà tí tiwọn máa ń pẹ́ ju tèmi lọ, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́jọ, tí ojú á wú, tí kókó á yọ lọ́rùn, tí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ á ṣàìsàn. Ẹ má rò pé tí ọ̀sẹ̀ kejì bá ti kọjá, ewu ti parí nìyẹn.

Káàdì kan wà nínú pọ́ọ̀sì mi báyìí. Kabamasepíìnì ló wà lókè, fenitóìnì, fenobabitóònù àti okisikabasepíìnì sì tẹ̀lé e, torí pé wọ́n jọra débi pé ara tó kọ ọ̀kan lè kọ ìyókù.

Ìrora ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà padà dé. Wọ́n fún mi ní gabapẹntíìnì, tí kò sí nínú ìdílé àwọn tó wà lórí káàdì yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, mo dìde lóru, mo tan iná fóònù, mo ya ẹnu síwájú dígí. Ọkọ mi bá mi níbẹ̀, kò béèrè nǹkan kan, ó gba iná náà lọ́wọ́ mi, ó sì bá mi wò ó.