Adìrẹ alábẹ́là nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré: ẹyọ mélòó ni n óò tà kí ọjà tó pa owó ara rẹ̀?

Oṣù Karùn-ún

Adìrẹ alábẹ́là tí mo ń fi ọwọ́ dilẹ̀ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé ti di ọjà. Mo ti gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan l'Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí Ìtòkú, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ ra adìrẹ ti sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí. Oníbàárà ò ní í wá wa tì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á ti mọ iye tí wọ́n ń tà á lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Kí n tó gbé aṣọ kankan kọ́, mo mú ìwé àti bírò. Mo fẹ́ mọ iye aṣọ tí n óò tà lóṣù kan kí ṣọ́ọ̀bù tó lè san gbogbo ináwó ara rẹ̀, tí kò ní í sí èrè, tí kò sì ní í sí àdánù. Ìdọ́gba ni mo ń pè é nínú àkọsílẹ̀ yìí.

Ọ̀nà méjì ni mo pín ináwó sí. Ọ̀kan ni owó tí yóò jáde bí n kò tilẹ̀ ta nǹkan kan. Owó ilé jẹ́ ₦300,000 lọ́dún, ìyẹn ₦25,000 lóṣù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni bàbá onílé ń gbà á, ṣùgbọ́n oṣooṣù ló ń jẹ nínú ọjà, torí náà oṣooṣù ni mo ń yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ọmọbìnrin tó ń bá mi jókòó ti ọjà láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́ ń gba ₦40,000. Iná, owó ìmọ́tótó àti owó ẹgbẹ́ jẹ́ ₦6,000. Dátà tí mo fi ń gbé àwòrán aṣọ sí orí fóònù jẹ́ ₦5,000. Ìkòkò, ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti fọ́ọ̀mù tí a gé sí oríṣiríṣi àrà ń gbó díẹ̀díẹ̀, mo fi ₦4,000 sílẹ̀ fún wọn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦80,000 lóṣù.

Èkejì ni owó tó ń bá aṣọ kọ̀ọ̀kan rìn. Yáàdì márùn-ún ni mo ń tà pọ̀, òun ni mo ń pè ní ẹyọ. Aṣọ funfun jẹ́ ₦1,300 yáàdì kan, ẹyọ kan á jẹ́ ₦6,500. Àwọ̀, kọ́sítíìkì àti haidirósì jẹ́ ₦1,300. Àbẹ́là àti igi ìdáná jẹ́ ₦600. Iye yìí kéré torí pé nígbà tí a bá ń se aṣọ láti yọ àbẹ́là kúrò, àbẹ́là náà á léfòó lórí omi. Bí omi bá tutù, a ó kó o, a ó tún yọ́ ọ lò. Ẹni tó ń bá mi tẹ àrà sí aṣọ tó sì ń rẹ ẹ́ ń gba ₦900 lórí ẹyọ. Sítáàṣì, ìlọṣọ àti náílọ́ọ̀nù jẹ́ ₦200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦9,500.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aṣọ tó wọ inú àwọ̀ ló ń jáde dáadáa. Bí aṣọ bá ká jọ nínú omi àwọ̀, tàbí bí a kò tètè nà án síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí gbogbo ara rẹ̀, àwọ̀ á dúdú níbìkan, á sì ṣì níbòmíràn. Lọ́dọ̀ mi, nínú 20, ọ̀kan máa ń bàjẹ́. Aṣọ 19 tó dára ló gbọ́dọ̀ ru ẹrù 20: ₦190,000 tí a pín sí 19 jẹ́ ₦10,000. Iye tí ẹyọ kan ń ná mi gan-an nìyẹn. Aṣọ tó bàjẹ́ la ń gé fi ṣe ìdìrí, n kò ka owó rẹ̀ mọ́ èyí.

Oṣù Kẹfà

₦13,000 ni mo ń pè é. Bí a bá yọ ₦10,000 kúrò, ₦3,000 ló kù lórí ẹyọ láti fi san ₦80,000 ti ṣọ́ọ̀bù. ₦80,000 tí a pín sí ₦3,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27. Bí ó ti rí lórí ìwé nìyẹn.

Lọ́jà, a kì í sábà gba iye tí a pè. Ìyá kan wọlé ní ọjọ́ ọjà, ó tú aṣọ aláró kan, ó gbé e sí ojú oòrùn kí ó lè rí àwọn ìlà wẹ́ẹ́rẹ́ tí àbẹ́là tó sán fi sílẹ̀, ó fi itọ́ sí àtàǹpàkò, ó sì fi ra etí aṣọ náà bóyá àwọ̀ á ta sí i lọ́wọ́. Kò ta. Ó bi mí pé, “Èló lẹ fẹ́ gbà gan-an?” Mo ní, “₦13,000 ni, mà.” Ó ní, “Ẹ gba ₦11,000, n óò mú méjì.” A nà án síbí, a nà án sọ́hùn-ún, a parí ẹ̀ sí ₦12,000.

Nítorí náà, inú ìwé ọjà ni mo ti ń kọ iye tó wọlé, n kò kọ iye tí mo pè. Ní oṣù yìí, ẹyọ 20 ló tà. Àwọn 6 san ₦13,000, àwọn 10 san ₦12,000, alágbàtà kan kó 4 ní ₦11,500. Owó tó wọlé jẹ́ ₦244,000. Tí a bá pín in sí 20, ₦12,200 ni ẹyọ kan mú wá. Ohun tó kù lórí ẹyọ ti wá di ₦2,200, ìdọ́gba sì ti kúrò ní 27, ó di 37.

Ẹ wò ó dáadáa. ₦800 tí àwọn oníbàárà ná kúrò kò tó ìdá kan nínú 15 iye tí mo pè, síbẹ̀ ó fi ẹyọ 10 kún iṣẹ́ oṣù. Ìdí ni pé kò sí ẹni tó ń dín owó aṣọ funfun tàbí owó àwọ̀ kù fún wa nígbà tí a bá dín owó fún oníbàárà. Inú ₦3,000 yẹn nìkan ni gbogbo ₦800 ti jáde. Ẹyọ 20 mú ₦44,000 wá sórí ₦80,000, ṣọ́ọ̀bù sì jẹ gbèsè ₦36,000.

Mo ti gbé ìṣirò náà sínú sípírẹ́díṣíìtì lórí fóònù kí n má baà máa tún un ṣe. Àpótí B1 ni owó ṣọ́ọ̀bù lóṣù, B2 ni iye tí ẹyọ kan mú wọlé, B3 ni iye tó ná mi:

```
=ROUNDUP(B1/(B2-B3),0)
```

Ó ń gbé e lọ sókè nígbà gbogbo torí pé a kò lè ta ìdajì ẹyọ. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, ẹ̀ ń tà á ní iye tó kéré sí ohun tó ná yín nìyẹn. Kò sí iye tí ẹ lè tà tó máa bo ìyẹn. Bí ọjà bá ṣe ń yá sí i ni gbèsè á máa pọ̀ sí i.

Oṣù Keje

Òjò ò jẹ́ kí a rímú mí. Aṣọ tó yẹ kó gbẹ kí oòrùn tó wọ̀ ń sùn lórí okùn mọ́jú. Pẹ̀lú àgbàlá tí mo ní àti ọwọ́ èèyàn méjì, bí ẹyọ 30 tó dára ni agbára wa gbé lóṣù tí òjò ń rọ̀. Ìdọ́gba 37 kò lè bá agbára 30 mu. Bí mo tilẹ̀ ta gbogbo ohun tí mo ṣe, gbèsè ni n óò jẹ.

Mo wá yí ìṣirò náà padà. Dípò kí n béèrè iye ẹyọ tí n óò tà, mo béèrè iye owó tí ẹyọ 30 gbọ́dọ̀ mú wá. ₦80,000 tí a pín sí 30 jẹ́ ₦2,667. Tí a bá fi kún ₦10,000, ó di ₦12,667. Èmi fúnra mi kò tíì gba kọ́bọ̀ nínú ìyẹn o. Mo fi ₦30,000 kún un fún iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó di ₦110,000. Tí a bá pín in sí 30, ₦3,667 ni, iye tó gbọ́dọ̀ wọlé sì di ₦13,667.

₦800 ni wọ́n ń ná kúrò lórí ẹyọ kan. Torí náà, ₦14,500 ni n óò máa pè, kí ₦13,700 lè wọlé. Ní iye yẹn, ẹyọ 22 á san owó ṣọ́ọ̀bù, ẹyọ 30 á sì kan owó ọwọ́ mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta bàtà ní kí n kàn fi ìdá 20 nínú 100 lé iye tó ná mi, kí n sinmi ìṣirò. Ìyẹn á gbé ₦10,000 dé ₦12,000. Ṣùgbọ́n ₦2,000 nínú ₦12,000 kì í ṣe ìdá 20, kò tó 17. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìdá 20 nínú owó tó wọlé ṣẹ́kù fún òun gbọ́dọ̀ pín ₦10,000 sí 0.8, ìyẹn ₦12,500. Èyíkéyìí tí a bá mú nínú méjèèjì, kò mọ iye tí bàbá onílé ń gbà, kò sì mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Èmi ò lè fi dá iye ọjà.

Oṣù Kẹjọ

Òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀. Alágbàtà tó kó 4 kò padà wá, ẹ̀rù sì kọ́kọ́ bà mí. Àwọn tó ń ra ẹyọ kan-kan ò fi bẹ́ẹ̀ ráhùn, pàápàá àwọn tó wá ra aṣọ ẹbí, torí àwọ̀ kan náà ni wọ́n ń wá, owó sì wà lẹ́yìn. Ẹyọ 24 ló tà, ẹyọ kan mú ₦13,650 wá. Ohun tó kù lórí ẹyọ jẹ́ ₦3,650, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦87,600. Ṣọ́ọ̀bù san owó ara rẹ̀, ₦7,600 ṣẹ́kù. Kò tíì kan ₦30,000 tí mo fẹ́, ṣùgbọ́n gbèsè oṣù kò sí mọ́.

Lópin oṣù, oníṣòwò tí mo ń ra aṣọ funfun lọ́wọ́ rẹ̀ fi ₦100 lé yáàdì kan. Lórí ẹyọ, ₦500 ni. Tí a bá ka èyí tó ń bàjẹ́ mọ́ ọn, ₦526. Iye tí ẹyọ ná mi di ₦10,526, èyí tó kù di ₦3,124, ìdọ́gba sì kúrò ní 22, ó di 26. Ẹyọ 24 tó tó lóṣù yìí kò ní í tó lóṣù tó ń bọ̀.

Láti ọ̀la, ₦15,000 ni n óò máa pè. Aṣọ tó wà lórí okùn báyìí, owó àtijọ́ ni mo fi ra funfun wọn, ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà sì bi mí bóyá kí a ṣì ta àwọn yẹn ní ₦14,500. Mo ní kó lẹ iye tuntun mọ́ gbogbo wọn. Owó tí aṣọ wọ̀nyẹn bá mú wá ni mo máa gbé lọ bá oníṣòwò náà, iye tuntun ló sì máa gbà lọ́wọ́ mi.